Adápítọ̀ wo ló bá ráútà tàbí lápútọ́ọ̀pù yín mu? Ìfiwéra fóltì, ámúpù, ojú iná àti ẹnu

Lọ́jọ́ Sátidé kan, aládùúgbò wa kan tó ń ta aṣọ òkè gbé ráútà rẹ̀ wá bá mi nínú ọ̀rá. Iná ìjọba ló dé lóru pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ, adápítọ̀ ráútà náà sì jó. Nǹkan kan kò ṣe ráútà fúnra rẹ̀. Inú ọ̀rá yẹn kan náà ló kó adápítọ̀ mẹ́rin sí, tó ṣà wọ́n jọ káàkiri ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, gbogbo wọn ló wọ ihò rẹ̀. Èwo ni kí n máa lò?"

Mo bi í bóyá ó ti ki ìkankan nínú wọn bọ iná. Ó ní rárá, ẹ̀rù ló ba òun. Ẹ̀rù yẹn ló gba ráútà rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ì bá ti pa á kí ó tó dìde lórí ìjókòó.

Ohun tó sọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ: ó wọ ihò, nítorí náà ó bá a mu. Bẹ́ẹ̀, nínú ohun mẹ́rin tó yẹ kí a fi wé ara wọn, ẹnu tó wọ ihò ni ẹ̀rí tó kéré jù lọ. Fóltì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ojú tí pọ́sítíìfù wà, lẹ́yìn náà ámúpù. Ẹnu ló gbẹ̀yìn, torí pé a lè fi owó kékeré pààrọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n a kò lè pààrọ̀ ráútà tó ti jó.

## Ohun tí wọ́n kọ sára wọn

Mo yí ráútà náà dà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé `12V ⎓ 1A`, wọ́n sì ya àmì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí màá ṣàlàyé tó bá yá. Ìlà gbọọrọ tó ní ìlà já-já lábẹ́ yẹn ń sọ pé iná dí-sí ni, irú èyí tó ń jáde lára bátìrì, tó ń gba ojú kan ṣoṣo lọ. Bí ẹ bá rí àmì tó rí bí ìgbì omi, `~`, lára ìlà tó ń jáde nínú adápítọ̀, irú iná ara ògiri nìyẹn, ẹ má ki í bọ ráútà tó ń béèrè dí-sí, bí nọ́ńbà fóltì rẹ̀ tilẹ̀ dọ́gba.

Lára adápítọ̀, ìlà méjì ni ẹ máa rí. Èyí tí wọ́n kọ `INPUT` sí ń sọ iná ògiri tó lè gbà. Ó sábà máa ń jẹ́ `100-240V`, kò sì sí wàhálà níbẹ̀. Àfi tí ará ilé bá fi adápítọ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà: àwọn kan wà tí wọ́n kọ `120V` nìkan sí, iná tiwa á sì jó wọn ní kíá. Ìlà `OUTPUT` ni èyí tí a ó fi wé ẹ̀yìn ráútà.

Ohun tí mo kà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí. Pọ́sítíìfù gbogbo wọn wà ní àárín, nítorí náà mi ò kọ ìyẹn sínú àtẹ.

| Adápítọ̀ | Ibi tó ti wá | OUTPUT | Ẹnu (ìta × inú) | Fún ráútà 12V 1A |
|---|---|---|---|---|
| Àkọ́kọ́ | ráútà àtijọ́ kan | 9V 0.6A | 5.5 × 2.1 mm | Fóltì kéré. Ó lè tàn, kò ní dúró |
| Èkejì | iná tábìlì | 12V 0.5A | 5.5 × 2.1 mm | Fóltì tọ́, ámúpù kò tó |
| Ẹ̀kẹta | kámẹ́rà ẹ̀ṣọ́ | 12V 2A | 5.5 × 2.1 mm | Òun ni |
| Ẹ̀kẹrin | lápútọ́ọ̀pù tó ti bàjẹ́ | 19V 3.42A | 5.5 × 2.5 mm | Ó lè pa ráútà |

## Fóltì: èyí tí kò gba ìdúnàádúrà

Adápítọ̀ ló ń pinnu fóltì. Iye tó bá gbé kalẹ̀ ni yóò dé ẹnu ọ̀nà ráútà, ráútà kò sì lè kọ̀ ọ́. Tí adápítọ̀ ẹ̀kẹrin bá gbé 19V kalẹ̀, 19V ló máa wọlé.

Ohun tí iná máa kọ́kọ́ bá pàdé lẹ́yìn ihò yẹn ni kàpásítọ̀ kan tó rí bí àgbá kékeré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣíìpù kan wà tó ń sọ 12V di 5V tàbí 3.3V fún ọpọlọ ráútà. Nínú àwọn ráútà 12V tí mo ti tú, 16V tàbí 25V ni òpin fóltì tí mo sábà máa ń rí tí wọ́n kọ sára kàpásítọ̀ yìí. Bí 19V bá wọ orí kàpásítọ̀ 16V, orí rẹ̀ á wú, ó sì lè bẹ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ 25V ni, ṣíìpù tó tẹ̀ lé e lè má gbà ju 16V tàbí 18V lọ. Èyí tó burú jù ni pé nígbà mìíràn tí ṣíìpù náà bá kú, ó máa ń kú ní ṣíṣí sílẹ̀, tí iná á kọjá tààrà dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ tó jẹ́ pé 3.3V ló mọ̀. Ráútà tó bá kú irú ikú yẹn, ojúlówó àtúnṣe kò sí fún un mọ́.

Ti 9V ni ó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ, nítorí ó máa ń tan. Ẹ ki adápítọ̀ àkọ́kọ́ bọ ráútà yìí, àwọn iná kéékèèké iwájú rẹ̀ lè tàn gbogbo, fóònù yín á sì rí orúkọ ráútà. Ẹ ó ní ó ti parí. Ṣíìpù inú rẹ̀ ló ń sapá: ó ṣì lè sọ 9V di 3.3V, ṣùgbọ́n bí fóltì bá ṣe dín kù ni ámúpù tó nílò ń pọ̀ sí i, kí wáàtì lè pé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí ẹ bá fi ámúpù sọ fóltì di púpọ̀, wáàtì lẹ ó rí. Ká ní ráútà yìí ń lo 7W nígbà tí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n gbogbo ilé bá so mọ́ ọn:

```
7W ÷ 12V = 0.58A
7W ÷ 9V  = 0.78A
```

Adápítọ̀ àkọ́kọ́ kò lè gbé ju 0.6A lọ. Nígbà tí ó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ló wà lórí ráútà, kò sí ìṣòro. Tí àwọn ọmọ bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, tí gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò, fóltì á jábọ́, ráútà á kú, á tún jí, á tún kú. Àwọn kan ti pe ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn láìmọye ìgbà lórí ìṣòro tó jẹ́ pé ara ògiri ilé wọn ló wà.

Báwo ni ìyàtọ̀ ṣe lè pọ̀ tó kí ó tó di ewu? Adápítọ̀ 12V tó dára máa ń wà láàárín 11.4V sí 12.6V, ìyẹn ìdá 5 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀. Lórí lápútọ́ọ̀pù, ìyàtọ̀ láàárín 19V àti 19.5V kò ju ohun tí ẹ̀rọ náà ń fojú fò lọ, mo sì máa ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìbẹ̀rù. 20V lórí lápútọ́ọ̀pù 19V sábà máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá rí 19V rà, òun ni mo máa rà.

Irú adápítọ̀ kan wà tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í ṣe òótọ́ pátápátá. Ó wúwo bí òkúta, torí irin àti wáyà tíránsífọ́mà ló kún inú rẹ̀, ẹ sì lè gbọ́ bó ṣe ń kùn tí ẹ bá gbé e sétí. Èyí tí kò ní ìdarí nínú, tí wọ́n kọ `12V` sí, lè mú 16V jáde nígbà tí ẹ̀rọ kò bá tíì fa nǹkan kan lára rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún rédíò àti ohun ìṣeré àtijọ́. Mi ò kì í fi í sórí ráútà. Ẹ mú èyí tó fúyẹ́.

## Ámúpù: èyí tó gbọ́dọ̀ tó, tó sì lè jù

Ibí ni ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn ti ń ṣì wọ́n lọ́nà. Aládùúgbò mi wo adápítọ̀ ẹ̀kẹta, ó ní, "Ṣé 2A ò ní pọ̀ jù fún un, ẹ̀gbọ́n? 1A ni wọ́n kọ síbẹ̀." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìkòkò ni ámúpù ara adápítọ̀. Ráútà ló ń bù nínú rẹ̀. Bí ìkòkò bá tóbi, ẹni tó ń jẹun kò ní jẹ ju ìwọ̀n ikùn rẹ̀ lọ. Ráútà tó nílò 0.58A á fa 0.58A lára adápítọ̀ 1A, lára ti 2A, àti lára ti 5A.

Ìkòkò kékeré ló ń fa wàhálà. Adápítọ̀ èkejì, 12V 0.5A, kò lè gbé ju 6W lọ. Ráútà tó ń béèrè 7W lọ́wọ́ rẹ̀ ń fi agbára mú un. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ooru: ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí kan, ó gbóná débi pé ẹ kò lè dì í mú pẹ́. Àwọn kan á gbé ara wọn pa, wọ́n á tún tan, ráútà á sì máa tan, máa kú. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ìdáàbòbò kankan nínú á máa gbóná títí wọ́n á fi jó.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ámúpù tí wọ́n kàn tẹ̀ síbẹ̀ láti fi tajà. Tí wọ́n bá kọ `12V 5A` sára adápítọ̀ tó kéré bí àpótí ìṣáná, tó sì fúyẹ́ bí bébà, 60W nìyẹn, kò sì sí bí 60W ṣe máa gba inú àpótí tó tó bẹ́ẹ̀. Lórí tábìlì mi, adápítọ̀ 60W máa ń tóbi tó ti lápútọ́ọ̀pù.

## Ojú iná: ibo ni pọ́sítíìfù wà?

Àmì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí. Ó ní èèpo tó rí bí lẹ́tà C, tóńtó kan wà láàárín rẹ̀, ìlà méjì sì jáde lọ sọ́dọ̀ `+` àti `−`. C dúró fún irin ìta ẹnu adápítọ̀, tóńtó dúró fún inú ihò àárín rẹ̀.

```
−  ──(•──  +     pọ́sítíìfù wà ní àárín
+  ──(•──  −     nẹ́gátíìfù wà ní àárín
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn á wo apá ọ̀tún tàbí apá òsì. Wọ́n lè yí àmì náà dà lára adápítọ̀ mìíràn. Ìlà tó ti ara tóńtó jáde ni kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé títí dé ìdí `+` tàbí `−` rẹ̀. Ibi tó parí sí ni ohun tó wà ní àárín.

Ráútà àti lápútọ́ọ̀pù tí mo máa ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pọ́sítíìfù-láàárín ni gbogbo wọn. Ibi tí ewu ti máa ń wọlé ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé olórin. Pẹ́dàlì gìtá àti ọ̀pọ̀ dùùrù Casio àtijọ́ ń lo 9V tí nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà ní àárín. Ẹnu wọn jọ ti ráútà gan-an. Ẹni tó bá yá adápítọ̀ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì láti fi tan ráútà 9V rẹ̀, fóltì tọ́, ẹnu wọlé, iná sì gba ẹ̀yìn wọlé. Àwọn ráútà kan ní dáyóòdù tó máa dènà rẹ̀, tí kò ní ṣẹlẹ̀ ju pé kò ní tàn lọ. Àwọn mìíràn kò ní, ẹ ó sì gbọ́ òórùn jíjó kí ẹ tó fà á yọ.

Tí àmì bá ti parẹ́, mítà ló máa sọ òtítọ́. Ẹ yí mítà sí dí-sí 20V. Tí ó bá jẹ́ ṣájà lápútọ́ọ̀pù ni, ẹ fi sí 200V, nítorí ọ̀pọ̀ mítà tí ẹ bá fi sí 20V á kàn fi `1` hàn tí iná bá dé 20V. Ẹ ki adápítọ̀ bọ iná ògiri, kí ẹnu rẹ̀ má kan ráútà rárá. Ẹ fi abẹ́rẹ́ pupa mítà sínú ihò àárín, kí ẹ sì gbé abẹ́rẹ́ dúdú lé irin ìta. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ gbọ̀n: bí abẹ́rẹ́ pupa bá kan inú àti ìta lẹ́ẹ̀kan náà, iná á ṣọ́ọ̀tì. Tí mítà bá fi `12.1` hàn, pọ́sítíìfù ló wà ní àárín. Tí ó bá fi `-12.1` hàn, nẹ́gátíìfù ni. Ìwọ̀n kan yìí ti sọ fóltì àti ojú iná fún yín pọ̀. Lọ́dọ̀ mi, adápítọ̀ kankan kò kan ẹ̀rọ oníbàárà kí n tó ṣe é.

## Ẹnu: 2.1 àti 2.5

Ẹnu adápítọ̀ ráútà sábà máa ń fẹ̀ ní 5.5 mìlímítà láti ìta. Ohun tó yàtọ̀ ni ihò inú rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ àárín ráútà máa ń wọ̀: 2.1 mìlímítà ni ọ̀kan, 2.5 ni èkejì. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ẹnu 2.1 kò ní wọ abẹ́rẹ́ 2.5, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ torí á dènà yín. Ẹ má fi ipá tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ inú ráútà ló máa ṣẹ́. Ẹnu 2.5 lórí abẹ́rẹ́ 2.1 ni ẹlẹ́tàn. Á wọlé jẹ́jẹ́, ó sì lè tan, ṣùgbọ́n kò ní dì mọ́ abẹ́rẹ́ náà dáadáa. Tí ẹnikẹ́ni bá ti kan tábìlì, ráútà á kú, á tún jí. Ní gbogbo ìgbà tó bá já tó tún so, ẹ̀ta iná kékeré ń ta níbẹ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ abẹ́rẹ́ náà á dúdú. Ìdí nìyí tí adápítọ̀ ẹ̀kẹrin aládùúgbò mi fi wọ ráútà rẹ̀: ẹnu 2.5 ni, ráútà sì jẹ́ 2.1.

Bí ẹ kò bá ní irinṣẹ́ tó ń wọn mìlímítà, ẹ wá abẹ́rẹ́ ìlu tí wọ́n kọ `2.5` sí lọ́dọ̀ káfíńtà. Ẹ kọ́kọ́ yọ adápítọ̀ kúrò nínú iná, kí ẹ dúró díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè lọ. Ẹ wá ti ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ìlu náà, ibi tó dán, sínú ihò ẹnu adápítọ̀. Tí ó bá wọlé, 2.5 ni. Tí kò bá wọlé, 2.1 ni, tàbí èyí tó kéré sí i. Ẹ má fi wáyà ilé tí àwọn oníná ń pè ní 2.5 ṣe ìdánwò yìí. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ojú bàbà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kì í ṣe bó ṣe nípọn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bàbà náà kò nípọn ju bíi 1.8 mìlímítà lọ, á sì wọ inú méjèèjì.

Gígùn ẹnu náà tún ń já àwọn kan kulẹ̀. Bí ihò ráútà bá jìn tí ẹnu adápítọ̀ sì kúrú, kò ní kan irin tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá tì í wọlé, kò yẹ kí irin dídán tó ṣẹ́ kù níta ju ìlà tín-ín-rín lọ.

## Tó bá wá jẹ́ lápútọ́ọ̀pù

Ìlànà kan náà ni, àfi pé lápútọ́ọ̀pù ń jẹun ju ráútà lọ, àwọn kan sì ń béèrè orúkọ kí wọ́n tó jẹun.

Ẹ fi wáàtì ronú níbí. `19V 3.42A`, `19.5V 3.34A` àti `20V 3.25A`, 65W ni gbogbo wọn. `19V 2.37A` jẹ́ 45W, `19.5V 4.62A` sì jẹ́ 90W. Tí lápútọ́ọ̀pù yín bá nílò 65W, tí ẹ sì rí ṣájà 90W tí fóltì, ojú iná àti ẹnu rẹ̀ bá a mu, ẹ rà á. Tí ẹ bá fi 45W sí i, bátìrì lè máa gba iná nígbà tí ẹ bá pa lápútọ́ọ̀pù nìkan, tí ẹ bá sì ń ṣiṣẹ́, á máa dín kù bí ṣájà tilẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wá le síi lórí lápútọ́ọ̀pù. Lára àwọn Dell àti HP tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹnu ńlá kan wà tó jẹ́ 7.4 mìlímítà níta, 5.0 nínú, tó sì ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan láàárín. Abẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ló ń gbé iná. Ohùn ló ń gbé. Lọ́dọ̀ Dell, ṣíìpù kékeré kan wà nínú ṣájà tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí sọ fún lápútọ́ọ̀pù pé, "Dell ni mí, 65W ni mí." HP náà ní ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n èdè wọn yàtọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Dell rẹ̀ wá bá mi. Ó ti ra ṣájà HP nínú ọjà, 19.5V, ẹnu wọlé rẹ́gí, pọ́sítíìfù wà níbi tó yẹ, wáàtì sì tó. Lápútọ́ọ̀pù tàn, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ó kọ èyí sójú:

```
The AC power adapter wattage and type cannot be determined.
```

Bátìrì kò gba ẹyọ kan, gbogbo ẹ̀rọ sì ń falẹ̀ bí ìgbín. Ó ti rò pé bátìrì ló kú, ó sì ti fẹ́ ra òmíràn. Nǹkan kan kò bàjẹ́. Lápútọ́ọ̀pù kò gbọ́ ohùn tó mọ̀ láti ẹnu ṣájà ni, ó wá fi ọwọ́ ìfura lo iná náà: ó dín eré rẹ̀ kù, kò sì fún bátìrì ní nǹkan kan. Mo fi ṣájà Dell 65W sí i, ọ̀rọ̀ náà kò jáde mọ́, bátìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Ọ̀rọ̀ kan náà lè jáde lára ojúlówó ṣájà Dell tí wáyà tín-ín-rín inú okùn rẹ̀ ti já nítòsí ẹnu, níbi tí ènìyàn máa ń ká a lọ́rùn. Nítorí náà kí ẹ tó dá bátìrì lẹ́bi, ẹ yá ṣájà Dell mìíràn wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ṣájà alẹ́nu-púpọ̀ tó ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yan fóltì lè wúlò lórí Acer, Toshiba tàbí Asus tí kì í béèrè orúkọ. Ohun tó ń ba irú ṣájà yìí jẹ́ ni bọ́tìnì náà. Ọmọdé lè fọwọ́ yí i láti 19 sí 15 tàbí sí 24. Tí ẹ bá ti rí fóltì tó tọ́, tí ẹ sì ti fi mítà wò ó, ẹ fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

## Nígbà tí iná bá lọ

Nítorí pé ráútà 12V ni, ọ̀pọ̀ ń so ó mọ́ nǹkan mìíràn tí iná bá lọ. Yùpíẹ̀sì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò 9V àti ihò 12V lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnu kan náà ló sì ń wọ méjèèjì. Ẹ sàmì sí èyí tó jẹ́ ti yín.

Okùn tó ń sọ 5V páwá báǹkì di 12V náà wà. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ihò páwá báǹkì tó jẹ́ 5V 2A jẹ́ 10W. Bí okùn náà bá sọ bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá nù sí ooru, 9W ló máa dé ọ̀dọ̀ ráútà. Ráútà tó ń lo 7W á gbádùn rẹ̀. Èyí tó ń lo 12W á máa kú, á máa jí.

Àwọn kan sì ń so ráútà tààrà mọ́ bátìrì sólà. Bátìrì alásíìdì tí wọ́n ń pè ní 12V lè dé 14.4V nígbà tí sólà bá ń kún un lọ́sàn-án. Mo ti rí ráútà tó fara dà á fún ọdún kan, mo sì ti rí èyí tí kò fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń dá fóltì dúró sí 12V sáàárín wọn.

## Èyí tó mú lọ

Mo fi mítà wo adápítọ̀ ẹ̀kẹta níwájú rẹ̀: `12.1`, kò sí àmì ìyọkúrò. Abẹ́rẹ́ ìlu 2.5 kò wọ ẹnu rẹ̀, ó sì dì mọ́ abẹ́rẹ́ ráútà dáadáa, kò mì nígbà tí mo fi ìka ta á. A tan ráútà, a so fóònù mi, fóònù rẹ̀ àti lápútọ́ọ̀pù kan mọ́ ọn, a sì jẹ́ kí fídíò máa lọ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn wákàtí kan adápítọ̀ náà lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán.

Kó tó lọ, ó yá bírò mi, ó gé téèpù funfun mẹ́rin, ó sì kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ráútà àtijọ́, 9V." "Iná tábìlì." "Ráútà." Sórí ti lápútọ́ọ̀pù, ó kọ "19V", ó fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀, ó sì fi sínú àpò ọ̀tọ̀.